Taípù A àti Taípù B: ìgbésẹ̀ ni kí ẹ kà

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, inú mi kì í dùn sí bí a ṣe ń ṣe Taípù A àti Taípù B nínú ìdánwò. A fẹ́ kí àwọn ọmọ tó jókòó ti ara wọn má wòwé ara wọn, a wá yí nọ́ńbà padà, ó tán. Bí B bá le ju A lọ ńkọ́? Ọmọ tí B bọ́ sí lọ́wọ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀, òun ló sì máa jìyà rẹ̀.

Èmi náà ṣe é rí, nínú ìdánwò ìṣirò ìdá. Mo fi 1/3 + 1/4 sí A, mo fi 3/4 + 2/5 sí B. Lójú mi, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nígbà tí mo dá ìwé padà, ọmọbìnrin kan wá dúró ti tábìlì mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tiwa le ju tiwọn lọ." Mo ní kó lọ jókòó.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó mú bírò, mo yanjú méjèèjì bí ọmọ ṣe máa yanjú wọn. Ti A di 4/12 àti 3/12, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7/12, ó parí síbẹ̀. Ti B di 15/20 àti 8/20, ó di 23/20, kò sì tíì parí, torí òkè ti ju ìsàlẹ̀ lọ. Ọmọ ṣì ní láti sọ ọ́ di odidi 1 àti 3/20. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ti pàdánù máàkì.

Láti ọjọ́ náà, ìgbésẹ̀ ni mo ń kà. Bí B bá jẹ́ 3/4 + 2/5, mo lè fi 2/3 + 3/4 sí A: ó máa di 17/12, kó tó di odidi 1 àti 5/12. Ṣùgbọ́n n kò ní fi 1/2 + 3/4 sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè rẹ̀ náà ju ìsàlẹ̀ lọ. 1/2 nìkan lọmọ máa yí níbẹ̀, 3/4 ti wà ní ìdá mẹ́rin tẹ́lẹ̀.

Tí mo bá máàkì tán, mo tún máa ń ka iye ọmọ tó gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní taípù méjèèjì. Bí 17 nínú 20 bá gbà á ní A, tó jẹ́ 9 péré nínú 20 ní B, ìbéèrè ni mò ń fura sí. Ìyàtọ̀ ọmọ kan tàbí méjì kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí a bá pín A àti B láàárín ara wọn káàkiri kíláàsì o. Bó bá jẹ́ pé iwájú ló gba A, tí ẹ̀yìn gba B, a ò ní mọ̀ bóyá ìbéèrè ló le tàbí àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn ni iṣẹ́ ò yé.

Gbogbo ọmọ tó dúró sí 23/20 lọ́jọ́ náà ni mo fún ní máàkì ìgbésẹ̀ ìkẹyìn. Mo sì sọ fún ọmọbìnrin yẹn níṣojú kíláàsì pé òótọ́ ló sọ.