Ọ̀rọ̀ Tí Ń Yọ Obì Lápò Nínú Ímeèlì sí Ọ̀gá

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Obì ni òṣìṣẹ́ tí ń kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ ń wá, àmọ́ bí ó bá fi ìbínú kọ ìlà méjì péré, ọfà ni yóò rí. Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé tí akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí kan lè kọ:

“Mi ò lè parí àkọsílẹ̀ ẹrù lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ kò fún mi ní ìwé tí mo nílò.”

Òótọ́ ni ó sọ, ó sì lo “ẹ”, síbẹ̀ “ẹ” nìkan kò sọ ìwé di ọ̀wọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò ni “ẹ kò fún mi”, nítorí pé ó na ìka sí ọ̀gá. Bí a bá fi ìwé tí a ń retí síwájú, tí a ní “kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́”, ọ̀ràn kan náà ni a sọ, “tíì” yẹn sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀gá láti ṣe ohun tí ó yẹ. Àléébù kejì ni pé kò sọ ìwé wo, kò sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, kò sì béèrè ohunkóhun. Èmi yóò tún un kọ báyìí:

“Ẹ káàárọ̀, sà. Kí àkọsílẹ̀ ẹrù lè pé lọ́jọ́ Ẹtì, mo nílò láti rí ìwé ẹrù tí ó wọ ilé ìkẹ́rùsí kejì gbà kí ó tó di aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú, nítorí kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ti parí ti ilé àkọ́kọ́ àti ìkẹta. Ọjọ́ méjì ni ti èkejì yóò gbà. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́, tàbí kí ẹ sọ ẹni tí mo lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ àti ohun tí a ń béèrè ti hàn kété lẹ́yìn ìkíni, kí ọ̀gá tí ń kà á lórí fóònù lè rí i kí ó tó yí ojú sí nǹkan mìíràn.

Ẹlòmíràn a tún bọ́ sí apá kejì: yóò kọ “ẹ má bínú” lẹ́ẹ̀mẹta, yóò bi ọ̀gá nípa ìlera àti ẹbí, ìwé tí ó nílò yóò sì pamọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ojúkojú ni ìyẹn ti ń ṣiṣẹ́ jù, níbi tí ojú àti ohùn ti lè parí ìyókù. Nínú ímeèlì, odindi ni a ń sọ. Kí a tó fi ránṣẹ́, kí a tún wo àyè orúkọ àwọn tí ìwé yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí bí orúkọ ẹni tí ó ga ju ọ̀gá wa lọ bá wà níbẹ̀, ẹ̀sùn ni ọ̀gá yóò kà, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà tutù tó.