“Ará”, “àrá” àti ohùn tó ń gòkè: ibo ni kí àmì bọ́ sí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan tí mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe wò ó nínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìlà ya bí ohùn ṣe ń lọ, “rá” inú “ará” dúró gbọnrangandan lókè, àmọ́ ti inú “àrá” ń gun òkè láti ìsàlẹ̀ wá. Ṣé kí n kọ ọ́ ní “àrǎ”? Nígbà tí ìyá sì béèrè ìbéèrè, gbogbo ohùn wọn ló ga. Ṣé kí n pààrọ̀ àmì ibẹ̀ náà?

Ọmọ Alákọ̀wé: Kọ “àrǎ” jàre, ohun tétí bá gbọ́ là ń kọ. Àwọn ìwé àtijọ́ náà ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ wo “bẹ̃ni” àti “nã”. Àwọn ará Ṣáínà ń kọ “mǎ” títí dòní, ayé ò sì bàjẹ́.

Àǹtí Olóhùn: Àmì orí “bẹ̃ni” ò bá ohùn tó ń gòkè tan. Fáwẹ́lì méjì ló fún pọ̀ síbẹ̀. Àkọtọ́ òde òní tú wọn ká, ló fi di “bẹ́ẹ̀ ni”, tí fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan gba àmì tirẹ̀.

Ti Ṣáínà sì yàtọ̀ pátápátá. Àmì tó wà lórí “má” wọn, tó jọ ti ohùn òkè wa, gígòkè ló ń sọ. Nínú òǹkà tí Chao Yuen Ren gbé jáde ní 1930, níbi tí 1 ti jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá tí 5 sì jẹ́ òkè téńté, 35 ni wọ́n ń kọ fún un. “Mà” wọn jẹ́ 51, ó já láti òkè bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ló ni ìrìn yẹn, kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

“Rá” inú “àrá” yá tirẹ̀ ni. “À” tó ṣáájú ló fà á sílẹ̀ kó tó gùn. Fi “a” rọ́pò “à”, gígùn náà pòórá. Ohun kan náà ló ń ṣe “rárà”, òun kàn dojú kọ ìsàlẹ̀ ni. Nítorí náà, ìlà méjì ni kó o kọ, ìlà àkọ́kọ́ lápá òsì fún ohùn tí ọ̀rọ̀ ní, ìkejì lápá ọ̀tún fún bó ṣe jáde lẹ́nu:

```
/ará/    [a˧ ra˥]
/àrá/    [a˩ ra˩˥]
/rárà/   [ra˥ ra˥˩]
```

Àwọn ọ̀pá tó ń ya ìrìn ohùn yẹn ò gbọdọ̀ wọ apá òsì. Kó o sì ṣọ́ra: ohùn ìsàlẹ̀ tó bá parí gbólóhùn máa ń rì sí i fúnra rẹ̀, ohùn àgbà sì lè há níbẹ̀ tí Praat yóò fi já ìlà sí ìdajì lójijì. Má fi ìyẹn pe ohùn tó ń já.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ n da tèmi sí i. Bí àwọn ọmọ mi bá fẹ́ béèrè bóyá ọkọ̀ ti dé tàbí bóyá ọkọ̀ ni mo ń wí, wọ́n á gbé ohùn sókè níparí bíi Gẹ̀ẹ́sì: “Ọkọ̀?” Létí màmá mi, “ọkọ́” ni. Lọ́jọ́ kan màmá bi wọ́n pé ta ló fẹ́ roko ní Pékàmù! Àmì wo lẹ máa fi síyẹn?

Àǹtí Olóhùn: Ìyá Ìbejì, ìdáhùn ìbéèrè kejì lẹ gbé wá yẹn. Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ìparí sókè torí pé ohùn ò yí ìtumọ̀ “car” padà. Tiwa ti ní olówó. Bá a bá béèrè láìlo “ṣé”, gbogbo gbólóhùn la máa ń gbé sókè díẹ̀, ìsàlẹ̀ á ṣì wà lábẹ́ àárín, àárín lábẹ́ òkè. Akẹ́kọ̀ọ́, fi àmì ohùn ìyá sílẹ̀ bó ṣe wà, kó o kọ gíga ìbéèrè náà sí ìlà tirẹ̀.

Onídùndún: Gbogbo ẹ̀ ló dáa, àmọ́ ẹ gbọ́ “ó rígbá”. Igbá tá a fi ń bomi ni àbí ìgbá tá a fi ń sebẹ̀? Ẹni tó sọ ọ́ mọ̀, ẹni tó gbọ́ mọ̀, ẹni tó kà á nìkan ni ò mọ̀.

Àǹtí Olóhùn: Ibẹ̀ ló ti le. Tó bá jẹ́ “ìgbá”, fáwẹ́lì “ì” ti lọ ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ń tẹ “gbá” mọ́lẹ̀. Bámgbóṣé onímọ̀ èdè ń fi àmì ìdánudúró sáàárín, “rí.gbá”. Èmi ń lo ꜜ, àmì pé ohùn wálẹ̀ níbẹ̀, “ríꜜgbá”.

Ọmọ Alákọ̀wé: Ẹ ẹ̀ rí i! Fáwẹ́lì tó fà á ò sí níbẹ̀ mọ́, ìrìn ohùn nìkan ló ń ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Nígbà náà ó yẹ kó wọ ìlà àkọ́kọ́.

Àǹtí Olóhùn: Ohùn ìsàlẹ̀ tó fara sin ló wọ ìlà àkọ́kọ́. Ìrìn ohùn ò wọ̀ ọ́.

Ọmọ Alákọ̀wé: Ohun tẹ́nì kan ò rí nínú Praat lẹ fẹ́ kọ, ohun tá a rí lẹ fẹ́ gé kúrò. Mi ò gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè: Ìyá sọ “ó rígbá” nínú ohùn tí mo gbà. Ibi “gb” ni ìlà ti sọ kòtò, mi ò mọ̀ bóyá ohùn ló já.

Àǹtí Olóhùn: “Gb” ló máa ń gbẹ́ kòtò yẹn nínú méjèèjì. Fò ó, kó o wọn àárín “á” pẹ̀lú àárín “í”. Bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, igbá omi ni. Bí “á” bá wà nílẹ̀ dáadáa, fi ꜜ sí i. Bó bá sì wà láàárín méjèèjì, padà lọ bi ìyá.