Ẹ má fi fóònù tí ẹ sọ di kámẹ́rà sórí iná tọ̀sán-tòru

Mo tún rí i láàárọ̀ yìí. Ẹnìkan kọ ọ́ pé ká wá fóònù àtijọ́ tá a ti pa tì, ká fi áàpù ọ̀fẹ́ sí i, ká kọjú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ká kì í bọ iná, ká sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Àwọn èèyàn sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ìmọ̀ràn "ká gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀" yìí lèmi náà tẹ̀ lé, díẹ̀ ló kù kó dáná sun yàrá ìyá mi.

Ẹ̀bi áàpù kọ́ o. AlfredCamera ni mo lò. Mo gbé e sórí fóònù méjèèjì, ímeèlì kan náà ni mo fi wọlé, èyí àtijọ́ wá di kámẹ́rà, èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi ń wò ó. Bí nǹkan bá mira lẹ́nu ọ̀nà màmá, ìkìlọ̀ á dé bá mi níbi tí mo bá wà. Android kọ́kọ́ ń pa áàpù náà fúnra rẹ̀ bó bá ti pẹ́ díẹ̀, àfìgbà tí mo wọ ibi ètò bátìrì tí mo sún un sí Unrestricted. Látìgbà náà, kò kú mọ́.

Oṣù karùn-ún ni àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wò sókè. Lọ́sẹ̀ kan mo rí àtẹ̀gùn dáadáa, lọ́sẹ̀ kejì ìdajì rẹ̀ ló kù, tó bá yá, ògiri òkè nìkan ni mò ń rí. Mo rò pé ohun tí mo fi gbé e dúró ló yẹ̀. Mo pe màmá pé kí wọ́n bá mi tún un ṣe.

"Fóònù yìí mà ti yọ ikùn o!"

Àyà mi já. "Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, màmá. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá."

Nǹkan méjì ni bátìrì lítíọ́ọ̀mù kì í fẹ́: kó máa kún fọ́fọ́ nígbà gbogbo, àti ooru. Fóònù tí kò kúrò lórí iná kì í sọ̀ kalẹ̀ láti 100%. Kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ láìdákẹ́ ń mú un gbóná, oòrùn ojú fèrèsé tún kún un. Ohun tó wà nínú bátìrì á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, á máa tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ yẹn kò sì ríbi gbà, ló bá wú. Kẹ́ ẹ tó rí ikùn, ẹ máa gbé fóònù náà sórí tábìlì tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ fìka yí i. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dúró gírí tẹ́lẹ̀ bá ń mì, tàbí etí ojú rẹ̀ ń ṣí, ó ti bẹ̀rẹ̀. Bátìrì tó bá ti wú kò ní àtúnṣe. Ẹ má fi sínú iná mọ́, ẹ má sì gún un.

Fóònù kejì ni mo wá fi rọ́pò rẹ̀, mo gbé e kúrò níbi tí oòrùn ń pa, mo sì ra sọ́kẹ́ẹ̀tì táímà. Mo kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 80%, láìsí iná, wákàtí mẹ́rin ló fi dé 40%. Nínú iná, wákàtí méjì ló fi padà sí 80%. Mo wá to táímà bẹ́ẹ̀: wákàtí mẹ́rin láìsí iná, méjì pẹ̀lú iná. Àwọn fóònù kan ní ètò tó ń dá iná dúró ní 80% tàbí 85%. Bí tiyín bá ní in, ẹ kò nílò táímà.

Ohun tí mo fẹ́ kọ parí síbẹ̀ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Iná lọ nígbà tí bátìrì wà ní 40% gan-an, odindi wákàtí méje. Bátìrì kékeré tí mo fi sí ráútà gbé Wáífáì dúró, ṣùgbọ́n fóònù kú ní wákàtí kẹrin. Nígbà tí iná dé, ó ń gba iná lóòótọ́, àmọ́ kò tan ara rẹ̀. Àwòrán bátìrì lásán ló wà lójú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, títí mo fi dé ibẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Àbúrò mi ní ká ní ó kún ni, ì bá la wákàtí méje yẹn já. Òótọ́ ló sọ, n kò sì rí èsì fún un. Mo ti yí táímà sí wákàtí méjì láìsí iná, ọ̀kan pẹ̀lú iná, kí bátìrì má baà wálẹ̀ ju 60% lọ. Wákàtí mẹ́fà nìyẹn á fún wa. Méje sì ni iná fi lọ.