Àwọ̀ pupa irin gbígbóná kọ́ ni góńgó ìtànṣán rẹ̀

Irin tó ti pọ́n bí ẹyin iná máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n á ní, "Pupa ló ń tàn, pupa náà ló ń tú jáde jù." Ẹni tó bá ti kọ́ òfin Wien á wá mú gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ pupa, á fi ṣírò bí irin náà ṣe gbóná tó. Mo ti rí ìṣirò yìí nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń dùn mí, torí òfin tí wọ́n lò tọ̀nà. Ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni kò tọ́.

Wilhelm Wien ló gbé òfin náà jáde lọ́dún 1893. Bí ara kan bá ṣe ń gbóná sí i ni góńgó ìtànṣán rẹ̀ ń sún sọ́dọ̀ àwọn ìgbì tó kúrú:

`λ_max × T = 2898 µm·K`

`λ_max` ni gígùn ìgbì níbi tí ìtànṣán ti pọ̀ jù, ní máíkírómítà. `T` ni ìwọ̀n ìgbóná, ní kẹ́lífìn, kì í ṣe ní sẹ́lísíọ̀sì.

Ẹ jẹ́ ká fi pupa dán an wò. Gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.65 µm. Tí a bá pín 2898 sí 0.65, a ó rí 4458 K. Bẹ́ẹ̀ irin ń yọ́ ní 1811 K, ó sì ń hó ní nǹkan bí 3130 K. Irin tí a ṣì ń fi ẹ̀mú dì mú yìí ì bá ti di oru kó tó débẹ̀!

Irin tó pọ́n díẹ̀díẹ̀ kò ju nǹkan bí 1000 K lọ. Góńgó rẹ̀ wà ní 2.9 µm, nínú ìtànṣán ooru tí ojú kò lè rí. Ojú wa kì í rí ohun tó gùn ju nǹkan bí 0.7 µm lọ, ìwọ̀nba ìrù ìtànṣán náà ló sì dé ibẹ̀. Tí irin náà bá tú agbára tó tó mílíọ̀nù kan jáde, nǹkan bí méjì péré ló bọ́ sí ibi tí ojú ti ń rí. Pupa ló pọ̀ jù nínú méjì yẹn, òun ni ojú sì rí. Oòrùn náà jẹ́rìí sí i: góńgó tirẹ̀ wà ní nǹkan bí 0.50 µm, níbi àwọ̀ ewé, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò rí oòrùn aláwọ̀ ewé rí.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìtànṣán náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹ̀rọ tó ń fi sílíkọ́nì gba ìmọ́lẹ̀ kì í rí kọjá nǹkan bí 1.1 µm. Tí ẹ bá fi wo irin yìí, ìlà tó yà á máa gòkè títí yóò fi já ní etí. Ẹ má pe etí yẹn ní góńgó. Góńgó tòótọ́ máa ń ní ìgòkè lápá kan àti ìsọ̀kalẹ̀ lápá kejì, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí méjèèjì.

Ibi tí àṣìṣe náà ti ń ba nǹkan jẹ́ jù ni agbára gbogbo tí irin náà ń tú jáde. Òfin Stefan àti Boltzmann ló ń sọ iye rẹ̀ fún ara dúdú pátápátá, ìyẹn ohun tó ń gba gbogbo ìtànṣán tó bá bà á láìdá ìkankan padà:

`E = σT⁴`, `σ = 5.67 × 10⁻⁸ W/m²K⁴`

Ní 1000 K, a ó rí 56,700 wáàtì lórí mítà kan níbùú-lóròó. Ní 4458 K, ó di mílíọ̀nù 22.4, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 395. Ìgbà mẹ́rin ni a fi `T` sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, nítorí náà àṣìṣe kékeré kò ní dúró ní kékeré. Kódà ẹni tó ka góńgó náà sí 2.75 µm dípò 2.9 á rí 1054 K, agbára á sì fò sókè sí 70,000 wáàtì. Góńgó yìí sì fẹ̀ lórí, kò mú ṣóńṣó, torí náà irú àṣìkà bẹ́ẹ̀ rọrùn púpọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń fa ìlà gbogbo ìtànṣán náà, kí n tó yan àárín orí rẹ̀.

Irin kì í sì í ṣe ara dúdú pátápátá. Tí ojú rẹ̀ bá ń tú 0.8 nínú ohun tí ara dúdú ń tú, 56,700 á di nǹkan bí 45,000 wáàtì. Ọ̀rọ̀ irin tó ń dán tún ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń tú àwọn ìgbì kúkúrú jáde dáadáa ju àwọn tó gùn lọ. Èyí á fa góńgó rẹ̀ sọ́dọ̀ ìgbì kúkúrú, òfin Wien á sì sọ pé ó gbóná ju bó ṣe gbóná lọ. Fún irú irin bẹ́ẹ̀, ẹ fi tẹmokọ́pù, ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná nípa fífara kan nǹkan, kàn án kí ẹ tó gba nọ́ńbà yẹn gbọ́.