Bí a ṣe ń mọ ìhà tí òǹkọ̀wé kọ sí ọ̀rọ̀

"Tí wọ́n bá béèrè ìhà tí òǹkọ̀wé kọ sí ọ̀rọ̀ nínú àyọkà, ẹ ka iye ọ̀rọ̀ ìyìn àti ọ̀rọ̀ àbùkù inú rẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù ni ìdáhùn."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà yìí máa ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Ẹ wo àyọkà kékeré tí mo kọ fún àwọn tí mò ń kọ́ ní Àkúrẹ́ níbí:

"Ìgbìmọ̀ gọ́tà ọjà tún pàdé lánàá. Ìpàdé náà lárinrin, oúnjẹ dùn, fọ́tò sì rẹwà. Òjò nìkan ni kò gbọ́: ó tún ya wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn aláṣọ."

Ọ̀rọ̀ ìyìn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sí àbùkù kan. Síbẹ̀, òǹkọ̀wé ò yin ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ àti fọ́tò tó yìn kì í ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀. Gọ́tà tó jẹ́ iṣẹ́ wọn gan-an kò rí ìyìn kankan gbà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló wá yí gbogbo rẹ̀ padà. Yẹ̀yẹ́ ni ohùn rẹ̀, àìtẹ́lọ́rùn ni ìhà rẹ̀, ète rẹ̀ sì ni láti fi hàn pé ìpàdé kò tíì di iṣẹ́.

Nínú àwọn ìdáhùn tí ìdánwò ní kí wọ́n yàn, àṣàyàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ le ju ti àyọkà lọ ló sábà máa ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. "Ìkórìíra" lè jọ òótọ́ níbí, àmọ́ kò sí gbólóhùn tó gbè é lẹ́yìn. Kí ọmọ fi ìka sí gbólóhùn tó ti àṣàyàn rẹ̀ lẹ́yìn. Bí kò bá rí i, kó fi àṣàyàn náà sílẹ̀.