Káàdì àjọ ọkọ mi àti oyún tí ó bàjẹ́ lára mi

Ní Rẹ́mọ wa níbí, bí oyún bá bàjẹ́ lára obìnrin, ìkíni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni "ẹ kú ewu", èyí tí yóò sì tẹ̀ lé e ni "omi ló dànù, agbè ò fọ́". Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, mo gbọ́ méjèèjì títí etí mi fi kún. N kò bínú sí àwọn tó kí mi bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn àgbà tó fi ìkíni yìí lé wa lọ́wọ́ ti rí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ oyún gbé lọ, ayọ̀ wọn pé mo ṣì wà láàyè kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n agbè nìkan ni wọ́n ń bá kẹ́dùn, ẹnikẹ́ni kò béèrè omi lọ́wọ́ mi. Bí ó bá ṣe pé ọmọ tí a ti sọ lórúkọ ló kú ni, ọ̀fọ̀ ni wọn ì bá pè é, wọn ì bá sì wá jókòó tì wá. Ní tèmi, ní ọjọ́ kẹrin ni ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pé tí ara mi bá ti le díẹ̀, kí n wá bá àwọn bójú tó ìsọ̀ obì.

Oyún náà ti pé ọ̀sẹ̀ 11 dín díẹ̀ bí a bá kà á láti ọjọ́ tí mo rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn. Mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, a sì lọ ya àwòrán inú. Ẹni tó ń yà á dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ó wá rọra yí ojú ẹ̀rọ náà kúrò lọ́dọ̀ mi. Dókítà ló sọ fún wa pé ìwọ̀n ọlẹ̀ náà kò ju ti ọ̀sẹ̀ 8 lọ, ọkàn rẹ̀ kò sì lù mọ́. Wọ́n fún mi ní oògùn tí ń mú kí ilé ọmọ sún kì kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè jáde, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kún páàdì méjì láàrin wákàtí kan, fún wákàtí méjì léra wọn, tàbí bí ibà bá mú mi, kí n sáré padà wá. Ọpẹ́ ni pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì dá lẹ́yìn ọjọ́ 12.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi ni ọ̀pá àyẹ̀wò kan tó ṣẹ́ kù nínú àpótí mi. Mo tọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì, n kò tilẹ̀ lè sọ ìdí, ìlà méjì ló sì yọ. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé èròjà oyún tí ọ̀pá náà ń wá lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oyún bá ti lọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo jókòó nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá náà lọ́wọ́, ara mi sì ń sọ fún mi pé mo lóyún.

Obì gbànja ni ọkọ mi ń tà. Láti ọjọ́ tí a ti délé, kò sọ gbólóhùn kan nípa oyún náà. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, yóò lọ sí yàrá obì, yóò da apẹ̀rẹ̀ kan sílẹ̀, yóò máa ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò, yóò sì fi ewé tuntun bo ìyókù, títí di aago 11. Obì kì í béèrè irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́. Ilé olóbì ni wọ́n bí mi sí, mo mọ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ yìí kò dun ọkùnrin yìí rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo bi í pé, "Dádì, ṣé ó tiẹ̀ dùn yín?" Ìbéèrè kọ́ nìyẹn, ẹ̀sùn ni, òun náà sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn: "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Ó padà sídìí obì rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, mo fẹ́ fọ ṣòkòtò rẹ̀, mo sì bá káàdì àjọ mẹ́ta tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀ nínú àpò. Náírà 500 lójúmọ́ ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí mo fi ọ̀pá àyẹ̀wò hàn án, alájọ sì kọ "ìkómọ" sí òkè káàdì kọ̀ọ̀kan. Mo fi ìka wá ọjọ́ Ẹtì yẹn lórí káàdì kejì. Wọ́n fa igi sí i. Wọ́n fa igi sí ọjọ́ kejì rẹ̀ náà, àti gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, títí káàdì kẹta fi kù díẹ̀ kó kún.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni mo tọ̀ ọ́ lọ sí yàrá obì, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ń bá a ṣa á. Àwọn kan máa ń ní kí tọkọtaya jókòó kojú ara wọn kí wọ́n tó sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Lójú tèmi, ìyẹn máa ń jọ àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ní, "Kí lẹ sọ fún alájọ?" Ó ní, "N kò sọ nǹkan kan. Bí mo bá ní kó má gbà á mọ́, yóò bi mí pé kí ló dé." Ó ṣa obì díẹ̀ sí i, ó wá ní, "Apẹ̀rẹ̀ ọjọ́rú yẹn ni."

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ní ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì náà, ó ní kí n bá òun gbé apẹ̀rẹ̀ obì kan sórí ìwọ̀n, mo sì bá a gbé e. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ọwọ́ òun ni oyún náà ti bọ́. Mo lọ mú ìwé àyẹ̀wò àti kàlẹ́ńdà. Bí ọlẹ̀ náà bá dúró ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ 8, tí oyún sì ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ 11 lọ́jọ́ tí a gbé apẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́ kí ọwọ́ wa tó kan apẹ̀rẹ̀ náà. Dókítà kúkú ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan bí ìdajì oyún tó ń bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló jẹ́ pé ohun tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ ni kò pé iye láti ìgbà tí oyún ti dúró, ẹrù gbígbé kò sì sí nínú rẹ̀. Ọkọ mi wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ. Ó ka àwọn ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ló sunkún, obì kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ó fẹ́ kí a tètè wá oyún mìíràn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbànújẹ́ tirẹ̀ ń wò. Bó bá sì ti sọ ọ́, ohun tí etí mi ń gbọ́ ni pé a óò fi òmíràn rọ́pò èyí. A kò lè fi dídákẹ́ yanjú rẹ̀, nítorí pé obìnrin lè lóyún kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ tó padà dé, dídákẹ́ fúnra rẹ̀ ni ì bá sì bá wa pinnu. A fẹnu kò sí lílo kọ́ńdọ̀mù fún oṣù mẹ́ta, kí a tó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo tún tọrọ mẹ́ta sí i. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó gbà.

Òun ló bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo wà ní yàrá kejì nígbà tó sọ pé, "Màámi, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ agbè yẹn fún un mọ́. Ọmọ ni lọ́dọ̀ tiwa." Ìyá kò fèsì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, wọ́n sì bá mi jókòó láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú láìsọ púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa láti bímọ. Mo fẹ́ kí a gba owó àjọ náà kí a sì fi ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn; ọkọ mi kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án. Ní àárọ̀ yìí alájọ dé, ọkọ mi san náírà 500 rẹ̀, ó sì na káàdì náà sí mi pé kí n bá òun fi pamọ́.