Rá kò pa Àpépì tán

“Rá, ọlọ́run oòrùn àwọn ará Íjíbítì, pa ejò Àpépì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, rúdurùdu sì dópin láyé.”

Irọ́ ni. Alaalẹ́ ni ejò náà ń dènà de ọkọ̀ ojú omi Rá lábẹ́ ilẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì, òrìṣà ìjì, ló ń dúró níwájú ọkọ̀ tó ń fi ọ̀kọ̀ gún un. Bí wọ́n bá pa á lóru òní, yóò tún yọjú lọ́la. Ìdí nìyẹn tí àwọn àlùfáà Íjíbítì àtijọ́ fi máa ń fi ìda mọ ère Àpépì: wọ́n á tutọ́ sí i lára, wọ́n á fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á fọ̀bẹ gún un, wọ́n á wá jù ú síná. Ìwé pápírọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ ètò náà sí ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù.